Abèèrè tó ṣìnà ní Kútọnu

Òwe kan ló ti ń jà lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni lÉkòó, òótọ́ ni n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń ti Nàìjíríà lọ ná ọjà ní Kútọnu, ẹ ó gbọ́ nǹkan mìíràn. Wọ́n béèrè, wọ́n rí ẹni dá wọn lóhùn, wọ́n sì ṣìnà. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà ni pé ará Kútọnu kì í sábà ṣi àlejò lọ́nà. Ọ̀nà tó tọ́ ni wọ́n máa ń júwe. Bí ìdáhùn bá tọ́, tí ìbéèrè náà tọ́, níbo ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́?

Ó ń bàjẹ́ láàárín ẹnu ará ibẹ̀ àti orí àlejò tó ń mì. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ Faransé tí ẹ ó rí níhìn-ín, bí etí Yorùbá ṣe ń gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́, nítorí etí ni iṣẹ́ ń bẹ fún lójú títì, kì í ṣe ojú.

Paa isí àti pa isí

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ Faransé tín-ín-rín ni "Sẹ isí?", ìyẹn "Ṣé ibí ni?" Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀ sí i. Bí ibẹ̀ kò bá jẹ́ ibi tí ẹ ń wá, ẹni náà á ní "Sẹ pa isí." Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ máa gbà kí ẹ tó débi tí ẹ ń lọ, á ní "Sẹ paa isí." Ti àkọ́kọ́ ń sọ pé kì í ṣe ibí. Ti èkejì ń sọ pé ibí ni kí ẹ gbà. Ohun tó là wọ́n láàárín kò ju lẹ́tà ráà kan lọ, ráà yẹn kì í sì í ṣe ti orí ahọ́n bíi tiwa. Inú ọ̀fun ni wọ́n ti ń fà á, tí ẹnu bá sì yá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kù lára rẹ̀ ju kí ohùn "a" gùn díẹ̀. Etí tí kò tí ì mọ́ ọn kò ní í yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun kejì tó dá kún un ni ibi tí Faransé ń fi "kò" sí. Nínú èdè tiwa, "kò" ló máa ń ṣíwájú: kò jìnnà, kì í ṣe ibí. Kí a tó gbọ́ nǹkan náà ni a ti mọ̀ pé wọ́n sọ ọ́ di rárá. Ní Faransé ojú títì, "pa" kékeré kan ni gbogbo rẹ̀, àárín ọ̀rọ̀ ló sì ń fi ara pamọ́ sí. "Sẹ luwẹ́n" ni ó jìnnà, "Sẹ pa luwẹ́n" ni kò jìnnà. Etí wa ń dúró de rárá níwájú, kò rí i níbẹ̀, ó wá lọ mú "luwẹ́n" tó gbẹ̀yìn, ọkàn sì pòrúúru pé ọ̀nà ṣì jìn nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ní ó ti kù díẹ̀.

Síbẹ̀, àìgbọ́ nìkan kọ́ ló ń sọni nù. Ẹni tí kò gbọ́ lè ní kí wọ́n tún un sọ. Orí tó ń mì ni àjálù. Nínú ẹ̀kọ́ ilé tiwa, bí àgbà bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ọmọ náà á máa mi orí, á máa ní "ẹn-ẹn, ẹn-ẹn," kí àgbà lè mọ̀ pé ó ń fetí sílẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni, kò túmọ̀ sí pé ó ti yé e. A gbé ìwà náà dé Kútọnu. Màmá tó ń ta búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ọ̀nà, àlejò ń mi orí láti ìbẹ̀rẹ̀. Lójú màmá, ọ̀rọ̀ ti wọlé, nítorí náà ó sáré sí i, ó gé e kúrú, ó sì yíjú padà sí oníbàárà rẹ̀ kí àlejò tó ní "mẹsí." Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ká ní orí náà dúró jẹ́ẹ́ ni, màmá ì bá ti fi ọwọ́ kún ẹnu, ì bá ti pe ọmọ kan kó fi àlejò hàn títí dé ìkángun.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kìíní fún ẹni tó bá ń béèrè ọ̀nà ni kó má mi orí. Kó máa wo ẹni náà lójú, kó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, kó wá na ọwọ́ sí ibi tó rò pé wọ́n ní kó gbà, kó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ìbéèrè: "Paa isí?" Bó bá tọ́, "wí" ni yóò gbọ́. Bí kò bá tọ́, kì í ṣe "nọ́ọ̀n" kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ, "nọ́ọ̀n nọ́ọ̀n nọ́ọ̀n" ni, wọ́n á sì gbá ọwọ́ yín sí ọ̀nà tó yẹ.

Ẹ má ṣe béèrè pẹ̀lú rárá o. Bí ẹ bá ní "Sẹ pa isí?" tí ẹni náà ní "wí," kí ni ẹ fẹ́ mú nínú rẹ̀? Nínú èdè wa, bí ẹnìkan bá ní "Ṣé kì í ṣe ibí?" tí a ní "bẹ́ẹ̀ ni," a ń gbà pé kì í ṣe ibẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀ ń lo "wí" lọ́nà kan náà, àwọn mìíràn sì ń lò ó bí ilé ìwé ṣe kọ́ wọn. Ẹ ò lè mọ èyí tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè ló ń yan ìdáhùn

Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní Faransé máa ń kọ́kọ́ kọ́ àlejò bí wọ́n ṣe ń béèrè pé níbo ni ibi báyìí wà. Ìbéèrè tó dára ni fún ẹni tó gbọ́ èdè. Fún ẹni tí kò gbọ́, ó ń ṣí ìdènà omi lé ara rẹ̀ lórí ni, nítorí ìbéèrè gígùn ń pe ìdáhùn gígùn, pàápàá bí ẹ bá ti kọ́ gbólóhùn náà sórí tó dùn lẹ́nu yín. Ẹni tó gbọ́ ọ yóò rò pé ẹ gbọ́ Faransé dáadáa, yóò sì dá yín lóhùn bó ṣe ń dá aládùúgbò rẹ̀ lóhùn.

Ohun tó dára jù ni kí ìbéèrè kúrú débi pé ìdáhùn rẹ̀ kò ní lè gùn. Ẹ kọ́kọ́ kí i. Kútọnu kò yàtọ̀ sí ilé níbi èyí, ẹni tó bá já lu ènìyàn láìkí i, ìdáhùn gbígbẹ ló máa gbà. Ní òwúrọ̀, "bọ́njúù" ni. Láti ọ̀sán lọ, "bọ́nsuwáà" ni wọ́n ń sọ, bí oòrùn tilẹ̀ wà lókè. Bí ẹ bá lè fi èdè Fọ̀n sọ "A fọ́n gànjí à?" fún ìyá ọlọ́jà kan ní àárọ̀, ẹ ti jèrè ẹ̀rín rẹ̀. Ẹ wá pè é ní orúkọ tó yẹ ọjọ́ orí rẹ̀: "mamọ́n" fún obìnrin tó ti bímọ, "tọ́ntọ́n" fún ọkùnrin àgbà, "fófó" fún ọkùnrin tó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ ní "pádọ̀ọ́," tí wọ́n ń lò níbẹ̀ bí a ṣe ń lo "ẹ jọ̀ọ́." Ẹ wá dárúkọ ibi tí ẹ ń lọ, orúkọ náà nìkan, kí ohùn yín sì gòkè ní ìparí. "Bọ́nsuwáà, mamọ́n. Pádọ̀ọ́, Sẹ́n-Miṣẹ́ẹ̀lì?" Kí ẹ wá panu mọ́.

Ibi tí ẹ dárúkọ kò gbọdọ̀ jẹ́ òpin ìrìn àjò yín bí kò bá sún mọ́ tòsí. Kó jẹ́ ibi ńlá tó kàn, tí gbogbo ìlú mọ̀. Ẹni tó wà ní Etuwáàlì Rúùjù, oríta ńlá oníràwọ̀ pupa, tó ń wá ilé kan nítòsí Sẹ́n-Miṣẹ́ẹ̀lì kò ní iṣẹ́ kankan láti máa dárúkọ ilé náà ní Etuwáàlì. Kó kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì Sẹ́n-Miṣẹ́ẹ̀lì ná. Níbẹ̀ ni àwọn tó mọ ilé náà wà.

Ẹni tí ẹ bá bi náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń rìn kọjá lè jẹ́ àlejò bíi tiyín. Ẹni tó jókòó síbi iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ló mọ àdúgbò: aránṣọ, ẹni tó ń ta káàdì ìpè lábẹ́ agbòjò, òṣìṣẹ́ ilé ìta oògùn. Ti ilé ìta oògùn dára gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ wọn máa ń dá ṣáká, wọn kì í sì í kánjú. Àwọn ọmọ ilé ìwé gíga tó wọ aṣọ káákì náà ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, púpọ̀ nínú wọn sì máa ń fẹ́ dán an wò.

Ẹ lè ní, ṣebí Yorùbá pọ̀ ní Kútọnu? Wọ́n pọ̀, ní ọjà Tọ̀pá pàápàá, Ànàgó ni wọ́n sì ń pè wá níbẹ̀. Ẹ béèrè bí ẹni náà bá gbọ́ Ànàgó, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ọmọ Kétu tàbí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ̀ bá sọ fún yín pé "Ẹ máa lọ tú duwá, bí ẹ bá ti dé fé, ẹ yà sí góòṣì." Bí Èkó ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì júwe ọ̀nà láàárín Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi Faransé júwe é. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò ṣeé sá fún.

Ìdáhùn kan, tí a tú palẹ̀

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Ìdáhùn ojú títì, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹ ti dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Sẹ́n-Miṣẹ́ẹ̀lì, ẹ wá dárúkọ ilé tí ẹ ń wá fún aránṣọ kan, ó sì sọ èyí láìmí:

"Tú fa tú duwá, o fé lá tú purán a góòṣì, tú lẹ́ẹ̀sì la pùrùmíyẹ̀ẹ̀ fọ́ọ̀n, la dùsíyẹ́ẹ̀mù tú ráńtìrì, sẹ ọ́n fáàsì di la famasí."

Kò sí ẹni tó lè mú gbogbo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan bí kò bá gbọ́ èdè, kò sì pọn dandan. Ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ló gbé ìdáhùn náà dání.

"Tú duwá" ni ọ̀gangan iwájú, láìyà. "A duwáàtì" ni ọwọ́ ọ̀tún. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, nítorí a máa ń dúró de "tì" tó gbẹ̀yìn kí a tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwa la fi fáwẹ́ẹ̀lì sí ìdí rẹ̀. Ará Kútọnu kò sọ "tì," ó kàn fi ahọ́n pa ọ̀rọ̀ náà dé ni, kò sì sí ohun tí etí máa gbọ́ nínú ariwo ọ̀kadà. Ẹ fi ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ gbọ́ orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ "tú" ló ṣáájú "duwá," iwájú ni. Bó bá jẹ́ "a," ọ̀tún ni. Àmọ́ "tú" mìíràn tún wà tó túmọ̀ sí "ìwọ," òun ló wà nínú "tú fa," ìyẹn "o máa lọ." Nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ tú lẹ́ẹ̀mejì, "tú fa tú duwá," ẹ máa lọ tààrà. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tí "a" gígùn tẹ̀lé e, "tú fa a duwáà," ẹ yà sọ́tùn-ún. "A góòṣì" kò ní ìjọra pẹ̀lú ẹlòmíràn, òsì ni, kì í sábà ṣi ènìyàn lọ́nà.

"Fé" ni iná tó ń darí ọkọ̀. Bí iná náà kò tilẹ̀ tàn lọ́jọ́ náà, orúkọ rẹ̀ nìyẹn. "Lá" tó tẹ̀ lé e kò ní iṣẹ́ kankan. Wọ́n ń fi lá kún ìdí ọ̀rọ̀ gbogbo, "fé lá," "isí lá," bí àwa ṣe ń fi "yẹn" kún un. Ẹ má ṣe dúró lójú kan torí pé ẹ gbọ́ lá.

"Fọ́ọ̀n" ni ọ̀nà àdúgbò tó wọ àárín ilé, èyí tí kì í ṣe ọ̀dà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èmi ni mo fi fáà kọ ọ́. Ohùn tó ń gbọ̀n létè, tí Yorùbá kò ní, ni wọ́n fi ń pè é. Ìṣòro fọ́ọ̀n lóde òní ni pé ìjọba ti fi bíríkì tàbí ọ̀dà tẹ́ púpọ̀ nínú wọn, àwọn ará àdúgbò sì ṣì ń pè wọ́n ní fọ́ọ̀n. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà oníyanrìn yóò rìn kọjá lára èyí tó dán tó wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ "páfé," ọ̀nà oníbíríkì ni wọ́n ń sọ. Bó bá jẹ́ "gúdúrọ̀ọ̀n," títì ọlọ́dà ni.

Ibi tó wá ṣòro jù lọ nínú ìdáhùn aránṣọ yẹn ni "tú lẹ́ẹ̀sì la pùrùmíyẹ̀ẹ̀ fọ́ọ̀n." Àlejò tó ti kọ́ pé pùrùmíyẹ̀ẹ̀ ni àkọ́kọ́ yóò gbọ́ "àkọ́kọ́" àti "fọ́ọ̀n," yóò sì sáré wọ ọ̀nà àkọ́kọ́. Ohun tí aránṣọ sọ ni pé kí ó *fi* àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀ kí wọ́n má bàa wọ ibẹ̀. "Lẹ́ẹ̀sì" ni kí a fi nǹkan sílẹ̀, "depáàsì" ni kí a kọjá rẹ̀, "apurẹ́" ni lẹ́yìn rẹ̀, "afán" ni kí a tó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí níye lórí ju kíka ẹẹ́kan dé ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí àwọn ló ń sọ bóyá àmì tí wọ́n dárúkọ jẹ́ ibi tí a ó yà tàbí ibi tí a ò gbọdọ̀ yà. Lẹ́yìn náà, "la dùsíyẹ́ẹ̀mù": ìkejì. Kò tún fọ́ọ̀n sọ, ó rò pé ẹ ti mọ̀.

"Ọ́n fáàsì di la famasí": ní ìdojúkọ ilé ìta oògùn. Ilé ìta oògùn kọ́ ni ẹ ń wá. Àgbélébùú aláwọ̀ ewé rẹ̀ lẹ máa rí, ẹ ó kẹ̀yìn sí i, ilé tí ẹ ń wá á sì wà níwájú yín.

Ní ti kíka fọ́ọ̀n, ẹ̀gbẹ́ tí ẹ máa yà sí nìkan ni kí ẹ kà. Bí wọ́n bá ní òsì, ẹnu ọ̀nà tó ṣí sí ọwọ́ ọ̀tún kò sí nínú iye náà. Àlàfo tí kò gba ọkọ̀ láàárín ilé méjì náà kò sí níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkà láti orí iná, kì í ṣe láti ibi tí ẹ dúró sí nígbà tí wọ́n ń júwe.

Ẹ wá dá a padà fún un ní ọ̀rọ̀ tí ó dá yín lójú, ìka ọwọ́ ni ẹ fi máa kà á: "Tú duwá. Fé. Góòṣì. Ẹẹ́kan, rárá. Ẹẹ́jì, wí. Famasí." Bí Yorùbá bá dàpọ̀ mọ́ ọn, kò sóhun tó ṣe é. Orí ìka yín ló ń wò, ibi tí ó bá ti dá yín dúró sì ni ibi tí ẹ ti ṣì í gbọ́.

Ọwọ́ wo ló ń júwe

Àwọn kan gbà pé bí etí bá kùnà, kí a ṣáà máa wo ọwọ́. Ó dára, àmọ́ ọwọ́ náà ní tirẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀ bíi nílé, ọwọ́ òsì kì í ṣe ohun tí a ń nà sí ènìyàn. Ẹni tó fẹ́ sọ pé kí ẹ yà sósì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni yóò nà, yóò sì fà á kọjá àyà rẹ̀. Àlejò tó bá ń wo ọwọ́ wo ló gbé sókè yóò mú ọ̀tún. Ibi tí ìka kọjú sí ni kí ẹ wò.

Ohun mìíràn ni pé ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ kọjú sí yín. Ọ̀tún rẹ̀ ni òsì yín. Bó bá ń fi ẹnu júwe láìyíjú, ẹ ò mọ ọ̀tún ẹni tó ń sọ. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn ju gbogbo Faransé ayé lọ: ẹ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èjìká sí èjìká, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ kọjú síbi kan náà. Mo rò pé ìgbésẹ̀ yìí nìkan ń gba àlejò là ju ogún gbólóhùn tí a kọ́ sórí.

Ọwọ́ tún ń fi ẹni tí kò mọ̀ hàn. Ẹni tó mọ ibẹ̀ ń gé ọ̀nà sí wẹ́wẹ́: ọwọ́ rẹ̀ á lọ síwájú, á dúró, á yà, á tún dúró. Ẹni tí kò mọ̀ tó kàn ń tijú láti sọ bẹ́ẹ̀ yóò na ọwọ́ gbọrọ sí ọ̀nà kan, á ní "lábà, lábà," kò ní dárúkọ iná, kò ní dárúkọ oríta. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bi ẹlòmíràn. Ẹ bi í ní "Sẹ a kóté di kuwá?", ìyẹn kí ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ dán an wò. Ẹni tó mọ̀ á dárúkọ nǹkan kan lójú ẹsẹ̀.

Ìdáhùn kan tún wà tí àwọn àlejò máa ń fojú di: "Fo dimandé dùfán." Ó ní kí ẹ lọ béèrè níwájú. Kì í ṣe pé ó ń lé yín. Ó ń sọ pé apá ibí yìí ló dá òun lójú, òun kò sì fẹ́ parọ́ lórí ìyókù. Ẹ tọ ọ̀nà náà dé oríta tó kàn, kí ẹ sì béèrè bó ṣe wí.

Orúkọ tí ìlú ń pè é

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ara ohun tí kò rí ni pé ibi kan lè ní orúkọ méjì. Pápá ìṣeré tó wà ní Kúhunù ń jẹ́ orúkọ Ọ̀gágun Mátíù Kérékù lónìí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú ṣì ń pè é ní Sitáàdì di Lamitíyé. Gbàgede tí wọ́n ń pè ní Pilásì dẹ Mátíì tẹ́lẹ̀ ti di Pilásì dù Sùfùnì. Orúkọ tuntun ló wà lórí àwòrán ilẹ̀ inú fóònù, orúkọ àtijọ́ ló wà lẹ́nu ọlọ́kadà. Bí ẹ bá dárúkọ kan tí kò sì yé ẹni náà, ẹ dán èkejì wò kí ẹ tó rò pé ẹ ṣì í pè.

Ti afárá náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ọ̀sà la ìlú sí méjì, Apapá wà ní ìlà oòrùn rẹ̀ (ẹ má fi í pe Àpápá Èkó), ìyókù wà ní ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n ń sọ "Ọ́ńsíyẹ́n Pọ́n" fún afárá àtijọ́ tó wà nítòsí òkun, wọ́n sì ń sọ "Núfó Pọ́n," afárá tuntun, fún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Tọ̀pá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ti wà lẹ́yìn rẹ̀, "tuntun" náà kì í wá í ṣe èyí tó tuntun jù mọ́. Ẹni tó bá ń fi ojú wá afárá tó ṣì ń dán bíi tuntun ti kúrò lọ́nà.

Etuwáàlì Rúùjù ní tirẹ̀ kò ṣeé ṣì mọ̀: ìràwọ̀ pupa ńlá láàárín oríta roboto, ohun tó kù láti ayé ìjọba Kérékù, tó kéde ní 1974 pé ètò ìjọba àjùmọ̀ní ti Máàsì ni Dahomẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, yóò máa tẹ̀ lé. Ewu rẹ̀ ni pé ó rí bákan náà láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá yí i po lẹ́ẹ̀kan kò ní mọ ọ̀nà tó gbà wọlé mọ́, nítorí náà kí ẹ mọ àmì kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ bá jáde sí kí ẹ tó sọ̀dá.

Lórí sẹ́mìjàn

Bí ẹsẹ̀ bá rẹ̀, ọlọ́kadà tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò ló kù, sẹ́mìjàn tàbí kẹ̀kẹ́nọ̀. Ẹ má dárúkọ òpópónà fún un. Ẹ dárúkọ àdúgbò, kí ẹ tó dárúkọ àmì: "Sẹ́n-Miṣẹ́ẹ̀lì, a kóté di legilíìsì," lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá ní "wí" kíákíá, ẹ tún bi í ní ìbéèrè tí mo sọ lókè yẹn, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kí ẹ tó gùn ún. Púpọ̀ nínú wọn máa ń gbéra ná, kí wọ́n tó máa béèrè ọ̀nà lójú ọ̀nà. Owó ni ẹ ó sì fohùn sí kí ẹ tó jókòó.

Nígbà tí ẹ bá ti wà lórí ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ kan yí ìtumọ̀ padà. "Tú dẹ̀sán" lẹ́nu ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ ni pé kó máa bá ọ̀nà náà lọ sísàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Kútọnu tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò sí òkè kankan. Lẹ́nu sẹ́mìjàn tó ti dúró, "dẹ̀sán" ni kí ẹ bọ́ sílẹ̀. Bó bá sì sọ ọ́ bí ìbéèrè nígbà tó ṣì ń sáré, ó ń béèrè bóyá ibẹ̀ lẹ ó ti sọ̀ ni.

Ìparí ọ̀nà ló máa ń le jù, nítorí fọ́ọ̀n tí kò ní pátákó orúkọ pọ̀, ilé sì ń jẹ́ orúkọ ìdílé tó ni ín: "Mẹ́sọ́ọ̀n" kí wọ́n tó pe orúkọ bàbá onílé. Orúkọ onílé ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó pè yín wá, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí ẹ tó kúrò nílé. Ìdí ni pé ẹni tó háyà yàrá síbẹ̀ lè gbé ibẹ̀ pẹ́ títí kí àdúgbò má mọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá dé ẹnu fọ́ọ̀n tí ohun gbogbo dàrú, ẹ pe nọ́ńbà náà, ẹ má sì gbìyànjú láti gbọ́ àlàyé fúnra yín. Ẹ na fóònù sí sẹ́mìjàn tàbí sí aránṣọ tó wà nítòsí, kí àwọn méjèèjì fi Fọ̀n yanjú rẹ̀. Ẹ kàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa wo ibi tí ìka rẹ̀ kọjú sí bó ṣe ń sọ̀rọ̀.